Ọjà tí mo ti tà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gé kọmíṣọ̀n rẹ̀

Ẹ gbà mí o! Ìlà mẹ́rin péré ni ọ̀gá kọ sórí Wọ́sáàpù àwa àjẹ́ńtì tó ń bá wọn ta ilẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o, ẹ̀yin akọni wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ yìí, kọmíṣọ̀n di ìdá 5 nínú 100. Ẹni tó bá mú mílíọ̀nù 12 náírà wọlé láti oṣù Keje dé ìparí oṣù Kẹsàn-án ni yóò gba ìdá 10. Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́." Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni wọ́n kọ ọ́! Akọni sì ni wọ́n tún ń pè wá.

Mo ta pulọ́ọ̀tì kan ní Kuje fún olùkọ́ kan tó ń gbé Kubwa. Mílíọ̀nù 4 ni. Ó san mílíọ̀nù 1 lóṣù Keje, yóò máa san ₦500,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Ìdá 10 la jọ ṣàdéhùn nígbà náà, wọ́n sì fún mi ní ₦100,000. Àpò mi lowó ọkọ̀ tá a fi lọ wo ilẹ̀ ti jáde, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni: òun nìkan ló kọ́kọ́ wá, ó tún padà mú ìyàwó ẹ̀ wá. Nígbà tí oṣù Kẹjọ wọlé, ó san ₦500,000 rẹ̀ kí ìkéde kankan tó jáde. Kí ni wọ́n san fún mi? ₦25,000! Bí wọ́n bá ṣe báyìí títí tó fi san tán, ₦150,000 ni wọ́n máa ti yọ nínú tèmi lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Mo pe mánéjà. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ta ilẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó kéde o." Ó ní, "Àbúrò, ọjọ́ tówó wọlé là ń wò, a kì í wo ọjọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀." Ibo lẹ kọ ìyẹn sí nínú ìlà mẹ́rin yẹn?

Tó bá jẹ́ ọjọ́ tówó wọlé ni, wàhálà wà nínú mílíọ̀nù 12 náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wa l'Ábújá, ìgbà tówó oṣù bá bọ́ ni wọ́n ń san tiwọn. Kí owó oṣù Kẹsàn-án falẹ̀ dé ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, kò sí lára tágẹ́ẹ̀tì mọ́ nìyẹn. Ẹni tó mú mílíọ̀nù 11 ààbọ̀ wọlé máa gba ₦575,000, ẹni tó pé 12 máa gba ₦1,200,000. Nítorí ₦500,000 oníbàárà kan tó pẹ́ dé, ₦625,000 bọ́ lọ́wọ́ àjẹ́ńtì. Ṣé wọn ò lè pín in sí ìpele ni, kí ẹni tó mú mílíọ̀nù 8 wọlé rí ìdá 7 gbà?

Kí wọ́n fi ìlà kan kún un: oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ kí ìkéde tó jáde, ìdá 10 la ó máa gbà lórí ẹ̀ títí tí yóò fi san tán. Kí wọ́n sì san ₦25,000 mi tó kù kí n tó tún mú ẹnikẹ́ni dé Kuje.