Máàkì àwárí tó wà láàárín 0 sí 1 kò tíì di ọgba

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àwárí fún ilé ìkàwé àti ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́. Wọ́n ní bí a bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àkójọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí máàkì tí wọ́n fún àwọn ìwé kò bára mu, kí a kàn yọ máàkì tó kéré jù kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi àlàfo àárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù pín in. Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sáàárín 0 sí 1, a ó sì tò ó pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà náà jọra lójú, ìtumọ̀ wọn kò jọra.

Ẹ jẹ́ ká fi àkójọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tó wà ní Kétu ní ìwé 1000, ìtàn ìlú náà ló pọ̀ jù níbẹ̀, 900 nínú wọn ló sì dárúkọ Kétu. Èyí tó wà ní Àjàṣẹ́ ní ìwé 50000 lórí onírúurú nǹkan, 20 péré ló dárúkọ Kétu. Ẹnì kan wá tẹ "Kétu". BM25, ìlànà ìṣirò tó ń fún ìwé ní máàkì, ni àwọn méjèèjì ń lò, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ àwárí Lucene. Bí ó ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ kan nìyí:

```
idf = ln(1 + (N - n + 0.5) / (n + 0.5))
```

N ni iye ìwé inú àkójọ, n ni iye èyí tó ní ọ̀rọ̀ náà. Ní Kétu, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ 0.11. Ní Àjàṣẹ́, 7.80 ni. Ẹ̀rọ kan náà ni o, ìṣirò kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po 70 ju èkejì lọ. Lẹ́tà kan ní Àjàṣẹ́ tó kàn dárúkọ Kétu lẹ́ẹ̀kan á wá borí odindi ìwé lórí àwọn Alákétu, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ jù.

Ẹ wá wo ohun tí fífi sáàárín 0 sí 1 ń ṣe. Ká ní ìwé mẹ́ta mẹ́ta la gbà. Kétu fún wọn ní 0.10, 0.09, 0.08, Àjàṣẹ́ fún tirẹ̀ ní 5.2, 4.2, 3.2. Lẹ́yìn ìṣirò, ìhà méjèèjì di 1, 0.5, 0. Ìwé kẹta ní Kétu, tó dá lórí ohun tí a ń wá gan-an, ti gba òdo. Bí a bá gba ìwé 50 dípò mẹ́ta, èyí tó kéré jù á yí padà, ìwé kan náà á sì gba máàkì mìíràn. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n nìyẹn: ẹ yí iye ìwé tí ẹ ń gbà padà, kí ẹ wo bóyá ètò àwọn tó wà lókè yóò yí. Ẹ tún lè fi àkójọ kan tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìbéèrè náà kún un. Bí ó bá ti rí ìwé bíi mélòó kan mú wá, èyí tó ṣáájú níbẹ̀ á gba 1 bákan náà.

Àwọn kan á ní kí a pa máàkì tì, kí a lo ipò nìkan. Èyí ni RRF, tí Cormack, Clarke àti Büttcher gbé jáde ní 2009: ìwé kọ̀ọ̀kan gba `1/(60 + ipò)`, a ó sì ro ohun tó gbà lọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ pọ̀. Ó dára gan-an níbi tí ẹ̀rọ púpọ̀ ti ń to ìwé kan náà, torí ìwé tí ẹ̀rọ méjì fẹ́ràn á gòkè. Ṣùgbọ́n ìwé Kétu kò sí ní Àjàṣẹ́, ti Àjàṣẹ́ kò sí ní Kétu. Kò sí ohun tí a ó rò pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ní 0.0164, ẹni kejì ní 0.0161, a sì ń mú ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún lásán.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni kí gbogbo ìwé gba máàkì lórí ìwọ̀n kan. Bí àkójọ kọ̀ọ̀kan bá lè fún yín ní N àti n tirẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀: 51000 àti 920. Ìwọ̀n "Kétu" á di 4.01 fún tọ̀túntòsì, iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde àti gígùn ìwé ni yóò sì pinnu ìyókù. Ohun tí `search_type=dfs_query_then_fetch` ń ṣe nìyẹn láàárín àwọn ìpín àkójọ inú ẹ̀rọ àwárí Elasticsearch. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kíkọ rẹ̀ bára mu, torí àwọn ìwé Faransé ń kọ "Kétou", àwọn mìíràn ń kọ "Ketu" láìsí àmì, n á sì ṣìnà bí ẹ̀rọ kan bá kà wọ́n pọ̀ tí èkejì yà wọ́n.

Bí wọn kò bá fún yín ní N àti n, ẹ gba ọ̀rọ̀ inú ìwé 20 tó ṣáájú lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi tábìlì idf kan ṣoṣo tún gbogbo wọn wọ̀n. Ẹ má fi odindi ìwé apá kan wé àkótán apá kejì. Bí àkótán nìkan ni Àjàṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, àkótán náà ni kí ẹ lò fún ti Kétu. Ìwé rere tí àkójọ rẹ̀ fi sí ipò 35 kò ní jáde, nítorí kò dé ọwọ́ yín. Ẹ gba 50 bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà á.