Àmì ohùn kíkún kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa tí à ń ka Yorùbá lórí ayélujára: bí ọ̀rọ̀ bá ti ní àmì ohùn láti òkè dé ilẹ̀, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Bí kò bá ní àmì, tàbí tó jẹ́ pé ibi díẹ̀ ló ti ní in, èèyàn ni. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé sì sábà máa ń to àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sórí ìkànnì tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ ló kọ nǹkan, tí ìkànnì náà sì dáhùn pé ẹ̀rọ ni, á gbà pé ẹjọ́ ti parí.

Kò tíì parí rárá. Àwọn tí ìgbàgbọ́ yìí ń pa lára jù ni àwọn tó ń fi sùúrù kọ èdè wa bó ṣe yẹ ká kọ ọ́: olùkọ́, olóòtú, atúmọ̀ èdè, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn fẹ̀sùn kàn wọ́n. Torí náà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn irinṣẹ́ yìí ń wọ̀n gan-an nígbà tí Yorùbá bá dé iwájú wọn.

Púpọ̀ nínú wọn ń fi ìfojúsọ́nà ṣiṣẹ́. Wọ́n á gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wá máa wò ó pé lẹ́yìn ègé yìí, èwo ló kàn? Bí wọ́n bá ń mọ èyí tó kàn ṣáájú kó tó dé, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn jù, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Bó bá ń yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n á ní èèyàn ni. Lórí Gẹ̀ẹ́sì, tí ohun kíkà rẹ̀ kò lóǹkà lórí ayélujára, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Àyè náà ò sì tó nǹkan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn fúnra wọn ló sọ pé nínú 100 ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ, 26 péré ni irinṣẹ́ náà mú, pé nínú 100 tí èèyàn kọ, ó ń pe 9 ní ti ẹ̀rọ, àti pé kí àwọn èèyàn fi mọ sórí Gẹ̀ẹ́sì nìkan torí iṣẹ́ rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èdè mìíràn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí pé kò péye tó.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, "ọjọ́". Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni. Kọ̀mpútà ò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú Unicode, tó jẹ́ ìlànà tí kọ̀mpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ" tó ru ohùn òkè. "Ọ" kékeré ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, àmì ohùn òkè sì ní tirẹ̀, U+0301. Bí kọ̀mpútà bá tọ́jú wọn lọ́nà tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn UTF-8, "ọ" á gba báìtì mẹ́ta, àmì á gba méjì; báìtì ni ẹyọ kékeré tí kọ̀mpútà fi ń tọ́jú nǹkan. "Ojo" tí kò ní àmì kankan jẹ́ báìtì mẹ́ta lápapọ̀. "Ọjọ́" jẹ́ mẹ́sàn-án.

Irinṣẹ́ tí kò bá tíì rí Yorùbá tó kì í ní ègé tó bá odidi ọ̀rọ̀ wa mu. Á máa gé e lọ ni, nígbà mìíràn títí á fi kan báìtì. Báìtì mẹ́ta tó di "ọ" ni E1, BB àti 8D. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ló lè tẹ̀ lé E1? BB fún "ọ", BA fún "ẹ", B9 fún "ṣ". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Lẹ́yìn BB, 8D ló kàn, àfi tó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, tó máa di 8C. Bí àmì ohùn bá tún wà lórí "ọ" náà, CC ló fi ń bẹ̀rẹ̀, 81 tàbí 80 ló sì máa tẹ̀ lé e: òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé lẹ́yìn ègé àkọ́kọ́, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àyè láti ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Irinṣẹ́ náà sì ń pín ìyàlẹ́nu rẹ̀ kárí gbogbo ègé. Ká ní báìtì àkọ́kọ́ yà á lẹ́nu dé ìwọ̀n 6, èkejì 1, ẹ̀kẹta 0. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 2 àti díẹ̀. "O" lásán tó ya á lẹ́nu dé 6 kò ní ègé mìíràn tó máa bá a gbé ẹrù náà, 6 náà ló máa jẹ́. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn nọ́ńbà yìí ṣe, àmọ́ bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyẹn. Àmì tí èèyàn fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ló sọ gbólóhùn rẹ̀ di ohun tó rọrùn láti mọ̀ ṣáájú, irinṣẹ́ sì ka ìrọ̀rùn yẹn sí ọwọ́ ẹ̀rọ. Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló ń gé e dé báìtì. Èdè Vietnam náà ń lo "ọ" àti "ẹ", irinṣẹ́ tó bá sì ti ka ọ̀rọ̀ Vietnam púpọ̀ lè ti ní ègé fún wọn. Èsì rẹ̀ lè yí sí òdìkejì. Ohun tó dájú ni pé bí a ṣe tọ́jú lẹ́tà wà nínú ohun tó ń wọ̀n.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan tí ẹ mọ̀ dájú pé ọwọ́ yín lẹ fi kọ, tó ní àmì pé. Ẹ fún irinṣẹ́ náà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àmì ohùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà mẹ́rin ti tó fún un nínú Python, bí ẹ bá ti fi ìpínrọ̀ yín sínú s:

```python
import unicodedata as u
s = u.normalize("NFD", s)
s = "".join(c for c in s if c not in "\u0300\u0301")
s = u.normalize("NFC", s)
```

Àmì abẹ́ lẹ́tà á dúró, ti ohùn á lọ. Ẹ tún lè gbé ojúlówó ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, sí NFD kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. NFD máa ń tú "ọ" sí "o" àti àmì abẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ ojú ènìyàn ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Bí èsì bá yí padà láàárín ẹ̀dà mẹ́ta yìí, ẹ ti rí i pé kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ni irinṣẹ́ náà ń wọ̀n, torí ẹnì kan náà ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlà mẹ́rin yìí kan náà ló ba apá kejì ìgbàgbọ́ náà jẹ́: ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ pa mọ́ lè bọ́ àmì rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Àwọn irinṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ìfojúsọ́nà ni wọ́n ń lò. Wọ́n fún wọn ní ọ̀rọ̀ èèyàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n fi kọ́ ìyàtọ̀. Ibi tí dátà ti wọ́n ni ewu àwọn yìí wà. Àkójọ MENYO-20k, tó jáde ní 2021 fún ìtumọ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ní gbólóhùn bí 20,000, ó sì wà lára èyí tí a fi ń yangàn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ èèyàn púpọ̀ kíákíá á yà sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, níbi tí àmì ò ti wọ́pọ̀. Á wá ní kí ẹ̀rọ kọ èyí tó kù, ẹ̀rọ á sì fi àmì sí i. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní láti mọ nǹkan kan nípa Yorùbá: kó ṣáà ti mọ ibi tí àmì wà, ó ti gba máàkì. Bí wọ́n bá sì fi Bíbélì ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn, ìtàn Bíbélì ni yóò máa pè ní èèyàn.

Ṣé àmì ohùn ò wá sọ nǹkan kan ni? Ó ń sọ. Ó lè sọ irinṣẹ́ tó fi àmì sí i. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù lè kọ "Ọkọ mi gbe ọkọ sinu ọkọ", kò fi ohùn sí i, àmọ́ kò ṣì í. Bí mo bá rí "Ọkọ̀ mi gbé ọkọ̀ sínú ọkọ̀", mo máa fura, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kì í sábà sọ ọkọ rẹ̀ di mọ́tò. Ẹ̀rọ ló máa ń mú èyí tó bá rí jù kó sì fi sí ibi gbogbo.

Ṣùgbọ́n ìfura yẹn, orí àmì ló wà. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn irinṣẹ́ tó ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti wà. Olùwádìí kan, Iroro Orife, gbé iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀ ní 2018. Èèyàn lè ronú gbólóhùn náà, kó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, kó wá jẹ́ kí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá a fi àmì sí i. Olóòtú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Àṣìṣe ẹ̀rọ á wà lórí àmì, èrò inú rẹ̀ á sì jẹ́ ti èèyàn pátápátá. Ẹni tó ń lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí ìkànnì YorubaName gbé jáde fún kọ̀mpútà, ní tirẹ̀, á fi ọwọ́ to gbogbo àmì pé láìṣì ọ̀kan, òun gan-an sì ni ìgbàgbọ́ yìí máa kọ́kọ́ mú.

Olóòtú tó bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ máa wo ibi mìíràn. Kó béèrè àkọsílẹ̀ àtúnṣe, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dàgbà láti ìpínrọ̀ kan sí òmíràn. Ìwé tí a kọ sórí Google Docs ń tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó wo ohun tí òǹkọ̀wé náà ti kọ tẹ́lẹ̀, kó fi wé e. Kó pè é, kó ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi yan òwe kan tàbí ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ kan. Kó yẹ òótọ́ inú rẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́, tí kò sí àkọsílẹ̀ àtúnṣe, tí kò sì sí iṣẹ́ àtijọ́ tó lè fi wé e, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ̀, kí ó má sì fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.