Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé, àmọ́ ìwé owó-orí ọjà kò yéé wọlé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kábà dé Ìsánlú, láti Mòpà dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ìwé ìránnilétí owó-orí ọjà tó ń wá bá ẹni tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, owó-orí tí ẹ máa ń rí bíi VAT lójú ẹ̀rọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú wa ń bá ìwé yẹn jà níbi tí kò yẹ ká ti bá a jà.

Ẹ̀rọ ló ń fi ìwé náà ránṣẹ́. Nígbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí ọjà, wọ́n ṣí àkáǹtì kan fún yín lábẹ́ nọ́ńbà TIN yín. Níwọ̀n ìgbà tí àkáǹtì náà bá ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ ń retí ìròyìn ọjà kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ tà, lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ìròyìn oṣù kan kò bá wọlé, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè, á sì fi ìránnilétí ránṣẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ ti kó igbá ọjà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè kọ lẹ́tà lónìí, kí ìwé mìíràn sì tún dé lóṣù tó ń bọ̀. Ìwé tuntun náà kò túmọ̀ sí pé wọn kò gba ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò tíì sí òṣìṣẹ́ tó fi ọjọ́ ìparí sínú àkáǹtì náà.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á ti ilẹ̀kùn ibòmíràn, á wá rò pé gbogbo ilé ti tì. Ó ti lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé òun kò gba ìsọ̀ mọ́. Ó ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ Kogí. Bóyá ó tilẹ̀ ti kọ̀wé sí CAC pé kí wọ́n pa orúkọ òwò náà rẹ́. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ọ̀kankan nínú wọn kò kan àkáǹtì owó-orí ọjà. Ọwọ́ iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ nìyẹn wà, èyí tí a mọ̀ sí FIRS tẹ́lẹ̀, tó di NRS lọ́dún 2026. Ọ́fíìsì wọn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé tí ẹ gbà ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtajà kan ní Kábà, tó ń ta sìmẹ́ǹtì, páànù àti irin. Ọjà tó tà lọ́dún 2023 lé ní mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n náírà. Iye yìí ṣe pàtàkì, mo máa padà sí i. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn ní March 31, 2024, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ó kó irin tó ṣẹ́kù lọ sílé. Ní May 14, ó rí ẹni ra irin náà ní ₦800,000.

Ọjọ́ wo ni òwò yìí parí? Ọ̀pọ̀ á ní March 31. Èmi á ní May 14, nítorí pé lójú òfin owó-orí ọjà, títa ọjà tó ṣẹ́kù ṣì jẹ́ ọjà títà, ibi yòówù kí ẹ ti tà á. Bí ẹ bá kọ March 31 sínú lẹ́tà, tí ₦800,000 sì wọ báńkì ní May, ẹni tó bá yẹ àkáǹtì báńkì yín wò máa bi yín léèrè, àlàyé tí ẹ ṣe lórí àwọn oṣù yòókù á sì di ohun tí kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ wo ìwé báńkì kí ẹ tó mú ọjọ́.

Nítorí náà, ìròyìn mẹ́ta ni ilé ìtajà yìí ṣì jẹ. Ti March ní iye tó tà lóṣù náà. Ti April jẹ́ òdo. Ti May ní ₦800,000, owó-orí rẹ̀ ní ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ₦60,000, èyí tó yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìròyìn náà, ó pẹ́ tán, ní June 21. Bí ó bá ní rìsíìtì owó-orí ọjà tó san nígbà tó ń ra irin náà, tí kò sì tíì yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó lè yọ ọ́ kúrò nínú ₦60,000 yẹn. Òfin tó wà nígbà náà fún un ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tí òwò parí láti fi tó wọn létí pé òun fẹ́ yọ orúkọ kúrò. Bí a bá kà á láti May 14, August 12 ni ó pé.

Ẹni tó ń ti òwò pa nísinsìnyí, mi ò ní sọ fún un pé kó máa ka ọjọ́ rárá. Òfin ìṣàkóso owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, ìtanràn ìròyìn tí kò wọlé sì ti di ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ti àtijọ́, láti 2020, ₦50,000 àti ₦25,000 ni. Kódà pẹ̀lú ti àtijọ́ yẹn, ìròyìn kan ṣoṣo tó pẹ́ fún oṣù méjìlá jẹ́ ₦50,000 pẹ̀lú ₦25,000 lọ́nà mọ́kànlá, àpapọ̀ ₦325,000. Owó yìí lè ju gbogbo irin tó ṣẹ́kù lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ta ọjà ìkẹyìn ni kí lẹ́tà lọ.

Lẹ́tà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ sí wa mọ́, a ò ṣòwò mọ́.” Òṣìṣẹ́ tó bá ka ìyẹn kò rí ohun kan tó lè fi ṣiṣẹ́. Ohun tó nílò ni orúkọ òwò bó ṣe wà lórí ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà TIN, ọjọ́ tí òwò parí, àti ìbéèrè tó ṣe kedere pé kí wọ́n pa àkáǹtì owó-orí ọjà dé láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ to àwọn oṣù tí ẹ̀rọ ń bèèrè, ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: March ti wọlé, ọjọ́ báyìí, April ti wọlé, òdo ni, May ti wọlé, ₦60,000 ti di sísan, June títí di òní, òwò ti parí. Ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn: ìwé tí onílé fi gba kọ́kọ́rọ́, ìwé báńkì tó fi hàn pé owó ọjà kò wọlé mọ́ lẹ́yìn May 14, àti ìwé CAC bó bá ti wà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ padà bọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọbàjànà dé Lọ́kọ́ja, tó sì padà sí Kábà láìní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, ìrìn àjò lásán ló rìn.

Nígbà tí ẹ ń retí èsì, kí lẹ máa ṣe sí àwọn oṣù tuntun? Àwọn kan sọ pé ẹni tí kò ṣòwò mọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn kankan ránṣẹ́, kí wọ́n má bàa rò pé ó ṣì ń ṣòwò. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìròyìn òdo kì í ná yín ní owó-orí, kì í sì í sọ pé ẹ tajà. Ohun tó sọ gan-an ni pé ẹ ò ta nǹkan kan. Ẹ máa fi í ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ owó-orí náà lóṣooṣù títí ìwé ìfọwọ́sí yóò fi dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé torí kí gbèsè má bàa gorí ara wọn ni ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ kàn má ṣe fi òdo bo oṣù tí ẹ tajà nínú rẹ̀. Òdo lórí May nínú àpẹẹrẹ wa, irọ́ ni.

Bí ẹ kò bá lè wọ orí ẹ̀rọ, ẹ wo í-meèlì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti akọ̀wé owó tó bá yín ṣí àkáǹtì náà ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ìránnilétí kan ti ń kú sí. Ẹ ní kí wọ́n yí í padà sí tiyín nínú lẹ́tà kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni òwò náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n yẹn. Láti 2020 títí di òpin 2025, òwò tí ọjà olówó-orí tó tà kò tó ₦25,000,000 láàárín ọdún kan kò sí lára àwọn tí òfin ní kó máa gba owó-orí ọjà tàbí kó máa fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó forúkọ sílẹ̀ ṣáájú 2020 lè wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ ṣì máa bi í léèrè. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ kàn gbà pé àwọn jẹ ìtanràn. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n tà lọ́dọọdún sínú lẹ́tà, kí ìwé báńkì gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gba owó-orí lọ́wọ́ oníbàárà, owó ìjọba ni, wọ́n gbọ́dọ̀ san án.

Ìwé kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má kà sí ìránnilétí lásán. Bí iye owó bá wà lórí rẹ̀, tí wọ́n sọ pé àwọn fojú dá owó-orí yín nítorí pé ìròyìn kò wọlé, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti kọ ìwé àtakò. Ẹ kọ ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú àtakò náà, ẹ sọ oṣù tí wọ́n fojú dá, iye tó yẹ kó jẹ́, àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìròyìn oṣù náà tì í. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, owó àfojúdá di gbèsè tó dájú, pé òwò ti kógbá sílé kò sì ní pa á rẹ́.

Ẹ má gba “a ti ṣe é” tí wọ́n sọ lórí fóònù. Ẹ bèèrè ìwé tó kọ ọjọ́ ìparí sílẹ̀, kí ẹ wá wo ojú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélógún fún oṣù méjì tẹ̀léra. Bí orúkọ oṣù tuntun kò bá yọ mọ́ lára àwọn ìròyìn tí kò wọlé, ilẹ̀kùn ti tì. Bí ó bá ṣì ń yọ, ẹ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn, kí ẹ padà lọ bá wọn.