Iye tó ń ṣàìsàn kọ́ ni iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn

Ìròyìn kan sọ nípa àrùn kan pé: “Àrùn yìí ń ràn ní ìlú Kìíní ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ìlú Kejì. Ẹni 26 nínú ẹgbẹ̀rún ló ní in níbẹ̀, 14 péré ni ní Kejì.”

Rárá o. Ẹ wo àtẹ ọjọ́ orí inú ìròyìn náà. Ní ìlú méjèèjì, 10 nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló ń ṣàìsàn, 30 sì ni nínú ẹgbẹ̀rún àgbà. Àgbà ló kàn pọ̀ ní Kìíní, 800 nínú ẹgbẹ̀rún. Ní Kejì, 200 ni wọ́n. Ẹ bá mi ṣírò Kìíní: àgbà 800 mú 24 wá, ọ̀dọ́ 200 mú 2 wá, ó di 26. Tí a bá fi ìdajì àgbà, ìdajì ọ̀dọ́ wọn ìlú méjèèjì, 20 ni kálukú yóò ní. Ìfiwéra nìkan ni 20 yẹn wà fún ṣá. Ẹni tó ń wá ibùsùn fún aláìsàn ní Kìíní, 26 ni kó dì mú.

“Ń ràn” yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Àwọn tó ń ṣàìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n kà wọ́n ni 26, bó ti wù kó pẹ́ tó tí wọ́n ti kó o. Ká ní 10 nínú ẹgbẹ̀rún ló ń kó o lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lọ́mọdé lágbà. Bí ara ọ̀dọ́ bá yá lọ́sẹ̀ kan, 10 lẹ máa bá nílẹ̀. Bí àgbà bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti ọ̀sẹ̀ yìí á bá ti ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá níbẹ̀, á di 30, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni àrùn ń ràn wọ́n. Iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ fi wéra.