Èrè tó ju ìnáwó lọ kò ní kí ọ̀nà tuntun ṣe gbogbo ènìyàn lóore

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìṣirò bá ti fi hàn pé èrè ọ̀nà kan ju ìnáwó rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí wọ́n tètè là á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì wà tí àwọn oníṣirò ti yàn kí èsì tó jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè sọ ọ̀nà rere di òfò lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan tí yóò gba mílíọ̀nù 100 lónìí, tí yóò sì máa mú èrè mílíọ̀nù 9 wá lọ́dọọdún fún ọdún 30. Bí a bá kàn ro èrè náà pọ̀, mílíọ̀nù 270 ni. Ṣùgbọ́n owó tí a óò rí lẹ́yìn ọ̀la kò níye lórí tó èyí tó wà lọ́wọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdá kan dín èrè ọdún kọ̀ọ̀kan kù. Bí ìdá náà bá jẹ́ 4 nínú 100, èrè yẹn tó mílíọ̀nù 155.6 ní owó òní. Bí ó bá jẹ́ 10, ó wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 84.8, ọ̀nà náà kò sì lè mú owó tí wọ́n ná lé e padà wá. Kò sí ohun tó yí padà lójú ọ̀nà rárá.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìdá 3.5 nínú 100 fún ọdún 30 àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà gbé 7 kalẹ̀ ní 1992. Àwọn méjèèjì ti yọ ọ̀wọ́n gógó ọjà kúrò. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé jù: wọ́n á fi iye owó òní ṣírò èrè, wọ́n á wá fi èlé báńkì, tí ọ̀wọ́n gógó wà nínú rẹ̀, dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gé èrè yẹn.

Èkejì ló dùn mí jù. Ohun tó pọ̀ jù nínú èrè ọ̀nà ni wákàtí tí arìnrìn-àjò kò ní fi ṣòfò mọ́, owó tó ń wọlé fún ẹni náà ni wọ́n sì sábà fi ń díye lé e. Ká ní àwọn onímọ́tò jèrè wákàtí 600,000 lọ́dún, tí wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 10: mílíọ̀nù 6 nìyẹn. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì jèrè wákàtí 1,500,000, tí wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 2: mílíọ̀nù 3 péré. Àròpọ̀ rẹ̀ ni mílíọ̀nù 9 wa yẹn. Bí wọ́n bá gbé ọ̀nà méjì síwájú ìgbìmọ̀, tí ọ̀kan jẹ́ ti onímọ́tò, tí èkejì jẹ́ ti èrò bọ́ọ̀sì, ti onímọ́tò ni yóò borí ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ wákàtí tó gbà là kò tó ìdajì ti èkejì. Bí a bá ka wákàtí gbogbo wọn sí iye kan náà, nǹkan bíi 4.29, ti bọ́ọ̀sì di mílíọ̀nù 6.43, ti onímọ́tò di 2.57.

Àwọn tí wọ́n máa wó ilé wọn náà ńkọ́? Ìṣirò yìí kò béèrè bóyá wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn. Ó ti tó lójú rẹ̀ pé èrè àwọn yòókù pọ̀ tó láti san án. Nítorí náà, bí ìwé ìṣirò ọ̀nà kan bá dé ọwọ́ yín, ẹ wá ojú ewé tó pín èrè àti òfò sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wo àròpọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ka wákàtí kan sí fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì.