Pípa DNSSEC níbi tuntun kò kan DS tó wà lókè

"Mo kó dómènì mi lọ sórí sáfà DNS míì, sáìtì ò ṣí mọ́. Ẹnì kan ní kí n kàn pa DNSSEC níbi tuntun, ó parí."

Ẹ jọ̀ọ́, kò parí o. DNSSEC ni ètò tó ń fi ìbuwọ́lù jẹ́rìí sí ìdáhùn DNS. DS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí kọ́kọ́rọ́ DNSSEC yín, tí rẹ́jísítírà, iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ra dómènì, fi ránṣẹ́ sí .com ṣì wà lókè níbẹ̀. Ó ń sọ pé dómènì yìí ní ìbuwọ́lù, àti pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni 12345, ká sọ bẹ́ẹ̀. Sáfà tuntun ò ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Sáfà tó ń bá àwọn èèyàn wá àdírẹ́sì, tó bá ń yẹ ìbuwọ́lù wò, bíi 8.8.8.8 ti Google, á wá a títí, kò ní rí i, á sì dá àṣìṣe SERVFAIL padà. Èyí tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò á ṣí sáìtì náà láìjanpata. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí fún ẹnì kan, tí kò ṣí fún ẹnì kejì. Ẹ fi àṣẹ méjì yìí dán an wò:

```
dig example.com @8.8.8.8
dig example.com @8.8.8.8 +cd
```

Ẹ fi dómènì yín sípò example.com. +cd ní kí sáfà má yẹ ìbuwọ́lù wò. Bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà tí ìkejì mú àdírẹ́sì wá, DNSSEC ló bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà lẹ ti máa yọ DS àtijọ́. TTL rẹ̀ ní .com, ìyẹn àkókò tí sáfà lè fi pa á mọ́, jẹ́ 86400 ìṣẹ́jú àáyá, ọjọ́ kan gbáko, nítorí náà àwọn kan á ṣì máa rí àṣìṣe yẹn títí di ọ̀la. Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí, lálẹ́ Jímọ̀! Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kó dómènì nígbà míì, ẹ kọ́kọ́ yọ DS, ẹ dúró ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ tó kó dómènì. Lẹ́yìn náà lẹ máa fi DS tuntun sí i.