Fáàtì Méjì Lórí Bàtà Kan

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ní Ṣàgámù ńbí! Bàtà ₦10,000, a ní ká yọ 10%. Lójú ẹ̀rọ ìgbowó, a yọ ₦1,000, a wá ka fáàtì 7.5% lórí ₦9,000 tó kù: ₦675. Lójú kọ̀ǹpútà tèmi ní yàrá ẹ̀yìn, fáàtì ti wọlé ná, ₦750, kí wọ́n tó yọ 10%. Ẹ̀dínwó wá di ₦1,075.

Àpapọ̀ méjèèjì? ₦9,675! Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọ̀gá á ní, "Ṣebí owó pé?"

Owó pé, sà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ₦750 ránṣẹ́ síjọba, ₦75 ti jáde lápò wa lórí bàtà kan ṣoṣo. Òpin oṣù dé, èmi náà ni mo tún ń fi bírò ṣàtúnṣe ẹ̀.